Líìdì wa wọ́n lóṣù yìí: ohun tó yẹ kó wà nínú ímeèlì sí oníbàárà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń bá bàbá kan tó ń ta ínfátà àti sólà n'Íbàdàn ṣe ìpolówó lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù. Ní Ọ̀kítóbà, a ná ₦600,000, a rí líìdì 400, àwọn èèyàn tó kọ fọ́ọ̀mù wa kí a lè pè wọ́n, ìyẹn ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Nòfẹ́ńbà, ₦600,000 náà la ná, ṣùgbọ́n 250 péré la rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá di ₦2,400. Bàbá ní kí n kọ ọ́ sínú ímeèlì kí akáùńtáǹtì àwọn lè rí i: kí ló fà á, kí ni mo sì máa yí padà? Mo ti kọ ọ́ pé àwòrán wa ti pẹ́ lójú àwọn èèyàn, àti pé Fesibúùkù ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ti fi gbogbo nọ́ńbà oṣù méjèèjì ránṣẹ́ sí yín."

Àbúrò mi, o ṣeun tí o fi àwọn nọ́ńbà náà tì í, torí láìsí wọn, àfinúrò lásán ni mi ò bá máa sọ. Má tíì fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́. Ìdí méjèèjì tí o kọ síbẹ̀ ò sí nínú ohun tí o fi hàn mí, akáùńtáǹtì tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa rí i bẹ́ẹ̀. Ìdí gidi wà níbẹ̀, ó sì ṣeé sọ lójú àgbà láìsí ìtìjú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u palẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń para pọ̀ di iye tí a fi ń rí líìdì kan. Àkọ́kọ́ ni owó tí Fesibúùkù ń gbà láti fi ìpolówó hàn nígbà 1,000, èyí tí o ń rí lábẹ́ `CPM` nínú `Ads Manager`, ojú ìwé tí a ti ń ṣètò ìpolówó. Ìkejì ni iye èèyàn tó tẹ ìpolówó nínú àwọn tó rí i. Ìkẹta ni iye àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù parí nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìkẹrin. Bí líìdì bá wọ́n, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀, tàbí kó jẹ́ méjì, tàbí gbogbo wọn. `Cost per result` tí bàbá ń wò kò lè sọ èwo ni fún un, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà yín ṣe é. Ní Ọ̀kítóbà, `CPM` yín jẹ́ ₦2,500, torí náà ₦600,000 yẹn mú kí ìpolówó hàn nígbà 240,000. Títẹ̀ 3,000 wá látinú ìyẹn, èèyàn 400 sì kọ fọ́ọ̀mù parí. Ní Nòfẹ́ńbà, `CPM` di ₦3,000. Owó kan náà wá ra ìfihàn 200,000 péré, títẹ̀ jẹ́ 2,500, àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù parí sì jẹ́ 250. Wò ó dáadáa: ní oṣù méjèèjì, ìfihàn 80 ló ń mú títẹ̀ kan wá. Kò yí padà rárá. Àmọ́ nínú ọgbọ̀n èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin ló ń kọ fọ́ọ̀mù parí ní Ọ̀kítóbà, mẹ́ta ló ń kọ ọ́ ní Nòfẹ́ńbà.

Ohun tó pa ọ̀rọ̀ àwòrán rẹ nìyẹn. Nígbà tí àwòrán bá ti sú àwọn èèyàn, ibi títẹ̀ lo ti máa kọ́kọ́ rí i. Ìyẹn ni pé wọ́n á rí i, wọ́n á sì fi àtàǹpàkò gbá a kọjá, `Frequency` tó ń sọ iye ìgbà tí ẹnì kan ti rí ìpolówó náà á máa gòkè, títẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ sí yín. Fọ́tò bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì yẹn ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ọ̀kítóbà. Bí o bá sọ fún bàbá pé àwòrán ló fà á, ó máa ní kí o ya òmíràn, ó máa sanwó fún un, Dìsẹ́ńbà á sì dé bákan náà. Àléébù tó wà nínú ìdí tí kì í ṣe òótọ́ nìyẹn: àtúnṣe tí kò wúlò ló máa ń fà lẹ́yìn.

Ti pé Fesibúùkù yí padà, èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Ìpolówó ìgbaniwọlé fún ilé ẹ̀kọ́ kan l'Abẹ́òkúta ni. Owó tí a fi ń rí líìdì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lóṣù kan ṣoṣo, mo sì kọ lẹ́tà gígùn pé ọjà ló le, pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń polówó ti pọ̀ jù. Akápò ilé ẹ̀kọ́ náà ò bá mi jiyàn. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ ìpolówó wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù, ó sì dúró lójijì, nítorí fọ́ọ̀mù náà ní òun ò ní gbà á láìsí àdírẹ́sì ímeèlì. Ọ̀kan nínú wa ló ti sọ ọ́ di dandan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń wá ilé ẹ̀kọ́ fọ́mọ wọn ní Wáásáàpù, wọn ò ní ímeèlì tí wọ́n ń lò. Akápò náà pè mí, ó sì sọ ohun tó rí fún mi ní gbólóhùn méjì. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí oníbàárà nípa ọjà láìjẹ́ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù wa parí látorí fóònù. Ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí o tó ka ìyókù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká pín ₦900 tó lé. Ká ní `CPM` nìkan ló yí, tí mẹ́rin nínú ọgbọ̀n ṣì ń kọ fọ́ọ̀mù, títẹ̀ 2,500 ì bá mú líìdì bíi 333 wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá sì jẹ́ nǹkan bíi ₦1,800. Ọjà ìpolówó ló fa ₦300, fọ́ọ̀mù ló fa ₦600. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibi fọ́ọ̀mù, o máa rí ₦500 fún fọ́ọ̀mù àti ₦400 fún ọjà, nítorí pé ọ̀kan ń sọ èkejì di púpọ̀. Ọ̀nà méjèèjì tọ́. Torí náà má kọ iye kan ṣoṣo bíi pé òṣùwọ̀n ló wọ̀n ọ́n. Kọ pé ó lé ní ìdajì tó wá láti ibi fọ́ọ̀mù. Ìyẹn dúró bó ti wù kí ẹnikẹ́ni ṣírò ó.

Apá ti ọjà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí kò gùn. Gbàǹjo ni Fesibúùkù ń ṣe: gbogbo ìgbà tí ààyè kan bá ṣí lójú fóònù ẹnì kan, àwọn tó fẹ́ fi ìpolówó síbẹ̀ á figagbága lórí rẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n tún ń díwọ̀n bóyá ẹni náà máa ṣe ohun tí ìpolówó ń fẹ́ kó ṣe, àti bóyá ìpolówó náà dáa lójú àwọn èèyàn. Ní Nòfẹ́ńbà, nítorí Bíláàkì Fúráídè àti ọjà Kérésì, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Jumia máa ń da owó púpọ̀ sínú gbàǹjo yìí, ojú àwọn ará Ìbàdàn tí ẹ̀ ń wá náà sì ni wọ́n ń wá. Nọ́ńbà yín bá èyí mu: `CPM` jẹ́ nǹkan bíi ₦2,600 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ₦3,600 lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ohun tó bá ń gùn díẹ̀díẹ̀ báyìí sábà máa ń wá láti ìta. Ohun tó bá já lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú ilé ni kí o ti wá a.

Ti fọ́ọ̀mù sì já lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kìíní Nòfẹ́ńbà ló bọ́ sí mẹ́ta nínú ọgbọ̀n, kò sì kúrò níbẹ̀ títí oṣù fi parí. Ọjọ́ yẹn náà ni o yí fọ́ọ̀mù padà, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà tí o fi ránṣẹ́: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pe líìdì ti ń ṣàròyé pé ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn pè ní Ọ̀kítóbà ló ní àwọn ò rántí pé àwọn kọ nǹkan kan, o sì yí fọ́ọ̀mù láti `More volume` sí `Higher intent`, o tún fi ìbéèrè méjì kún un: irú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ máa fi iná náà gbé, àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá wọn fi í síbẹ̀. Àròyé àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ní ìdí. Fọ́ọ̀mù Fesibúùkù máa ń fúnra rẹ̀ kó orúkọ àti nọ́ńbà ẹni sílẹ̀ látinú àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá ojú fóònù kọjá lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó sì ti di líìdì, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà tó ti pa tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. `Higher intent` ń mú kó tún wo ohun tó kọ kó tó fi ránṣẹ́, ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn sì ń mú kó dúró ronú. Àwọn kan á padà sẹ́yìn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí o yàn fún fọ́ọ̀mù náà nìyẹn, ó sì ṣe é.

Ìbéèrè tó wá ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ta ni àwọn tó padà sẹ́yìn yẹn? Bó bá jẹ́ àwọn tí kò ní rà á náà ni, kò sí ohun tó sọnù. Bí àwọn olówó bá wà nínú wọn, a ti ṣe ara wa ní jàǹbá. Ibi tí a ti lè mọ̀ ni ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ bàbá ń kọ àbẹ̀wò sí, ìyẹn àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ẹnjiníà lọ wò kó lè ṣírò iye iná tí wọ́n ń lò. Àbẹ̀wò 60 wá látinú líìdì Ọ̀kítóbà, 50 látinú ti Nòfẹ́ńbà. Dá wọn padà sórí títẹ̀: 60 nínú 3,000 jẹ́ 2 nínú 100, 50 nínú 2,500, 2 nínú 100 náà ni. Fọ́ọ̀mù tó le yìí yọ nǹkan bí èèyàn 83 kúrò lórí ìwé, síbẹ̀ àwọn tó ṣe tán láti jẹ́ kí ẹnjiníà wọlé wọn ò dín kù nínú àwọn tó tẹ ìpolówó. Àbẹ̀wò kan jẹ́ ₦10,000 ní Ọ̀kítóbà, ó di ₦12,000 ní Nòfẹ́ńbà. Ìdá 20 nínú 100 ló fi lé, iye kan náà tí `CPM` fi lé gan-an. Ohun tí bàbá pàdánù lóṣù náà jẹ́ àbẹ̀wò mẹ́wàá, ọjà ìpolówó tó gbówó lérí ló sì gbà á lọ. Kì í ṣe líìdì 150.

Mo fẹ́ kí o rí ibi tí ìdánwò wà. O lè dá fọ́ọ̀mù àtijọ́ padà lálẹ́ òní, kí líìdì bọ́ sí ₦1,800 kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí bàbá sì yìn ọ́. Àbẹ̀wò ò ní ju àádọ́ta náà lọ. Ohun tó máa pọ̀ ni ìpè tí kò ní èrè: àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń pe líìdì á padà máa lo ọ̀sán gbogbo láti gbọ́ "mi ò rántí pé mo kọ nǹkan kan." Àwọn tó ṣe tán láti rà, tí wọ́n ń retí ìpè láàárín wákàtí kan, á wá máa gba ìpè lọ́jọ́ kejì nígbà tí wọ́n ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń polówó tó ń ṣe èyí fún ọdún gbáko nítorí pé iye líìdì nìkan ni oníbàárà ń bèèrè. Má ṣe é. Ṣùgbọ́n sọ fún bàbá pé ó ṣeé ṣe, kó lè mọ̀ pé o ní ọ̀nà tó rọrùn lọ́wọ́ àti ìdí tí o kò fi gbà á.

Ibi tí àwọn nọ́ńbà yìí ò lè gbé wa dé nìyí. Àbẹ̀wò 50 àti 60 kéré. Àbẹ̀wò mẹ́rin tàbí márùn-ún lè yẹ̀ sí ibikíbi nítorí òjò tàbí nítorí pé ẹnjiníà kan ṣàìsàn. Ìkejì, àwọn líìdì Nòfẹ́ńbà ò tíì gbó. Ẹni tó fẹ́ ra ínfátà àti bátìrì kì í pinnu lọ́jọ́ kan, ó máa ń béèrè iye lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, ó máa ń dúró de owó oṣù, nítorí náà má tíì fi iye tí wọ́n tà wé oṣù méjèèjì. Ìkẹta, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà pe líìdì dọ́gba ní oṣù méjèèjì. Kí o tó kọ àbẹ̀wò sínú ímeèlì, gba líìdì oṣù méjèèjì sílẹ̀ látinú Fesibúùkù, kí o fi nọ́ńbà fóònù wé ìwé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tètè ṣe é, torí ọjọ́ 90 péré ni Fesibúùkù ń fi líìdì sílẹ̀ kó ṣeé gbà.

Ohun kékeré kan tún wà tó lè dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti akáùńtáǹtì. `Ads Manager` ò ka owó orí ọjà mọ́ owó tí a ná. Láti Jánúárì 2022 ni wọ́n ti ń gba ìdá 7.5 nínú 100 lórí ìpolówó ní Nàìjíríà, báńkì bàbá á sì ti yọ ₦645,000. Bí akáùńtáǹtì bá pín ìyẹn sí líìdì 250, ₦2,580 ló máa rí, ó sì lè rò pé o fi nǹkan pamọ́. Fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́ kó tó béèrè.

Ní ti ohun tó máa yí padà, mo gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ bó ṣe wà títí Jánúárì. Ohun tí màá fọwọ́ kàn ni bí o ṣe pín owó. `Ad set` mẹ́rin lo ní, ìyẹn ìpín ìpolówó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́jẹ́ẹ̀tì àti àwọn èèyàn tirẹ̀, ọ̀kan fún Bódìjà àti agbègbè rẹ̀, ọ̀kan fún Rìǹgí Róòdù, ọ̀kan fún Àkóbọ̀, ọ̀kan fún àwọn onílé iṣẹ́. Fesibúùkù nílò nǹkan bíi líìdì 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú `Ad set` kan kó tó mọ irú èèyàn tó yẹ kó wá. Gbogbo líìdì yín lọ́sẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi 58. Nígbà tí o pín in sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí bíi 14, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí `Learning limited` lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ ọ̀kan, kí gbogbo ìlú Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Mo tún rí i pé ìgbà mẹ́rin lo gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì sókè tàbí sílẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà nígbà tí ọkàn rẹ ò balẹ̀. Bí àyípadà bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè dá ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá apá kan nínú `CPM` tó gùn yẹn wá láti ibẹ̀, mi ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Bíláàkì Fúráídè, ìwọ náà ò sì lè yà á. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nípa owó Dìsẹ́ńbà, ó dáa kí ẹ dín in kù sí ₦400,000, àmọ́ má ná an ní tín-ín-rín ká gbogbo oṣù. Bí o bá fi ₦400,000 ká ọjọ́ 31, líìdì á bọ́ sábẹ́ 50 lọ́sẹ̀, o sì ti ba ohun tí o dà pọ̀ jẹ́. Máa ná ₦20,000 lójúmọ́ bí o ti ń ṣe, kí o dúró lọ́jọ́ 20. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ẹnjiníà á ti lọ sílé lọ ṣọdún. Òótọ́ ni pé ààyè ìpolówó sábà máa ń pọ́ọ́kú lẹ́yìn Kérésì, ṣùgbọ́n líìdì tí kò sí ẹni tó máa pè é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ₦500 pàápàá wọ́n. Gbé ₦200,000 tó kù sí Jánúárì, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti wọlé iṣẹ́.

Ohun tó kàn ni pé kí o pe bàbá lórí fóònù kí ímeèlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o kò bá sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó gbọ́ ohùn rẹ. Kò dáa kí àgbàlagbà kọ́kọ́ ka irú èyí níwájú akáùńtáǹtì rẹ̀. Sọ iye rẹ̀ fún un, sọ pé apá tiwa wà níbẹ̀, kí o ní àlàyé ń bọ̀ lójú ìwé. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ báyìí, kí o sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ohùn tìrẹ:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, líìdì kan jẹ́ ₦2,400 ní Nòfẹ́ńbà. ₦1,500 ni ní Ọ̀kítóbà. Owó tí a ná ò yí padà, ₦600,000 ni. Fesibúùkù tún gba owó orí ọjà ₦45,000 lé e, ìdí nìyẹn tí báńkì yín fi fi ₦645,000 hàn.

Ó lé ní ìdajì owó tó lé yìí tó wá láti ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, a mú kí fọ́ọ̀mù le díẹ̀ nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àwọn ń pè ni kò fẹ́ rà. Àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù parí wá dín kù. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín ṣáájú pé owó tí a fi ń rí líìdì kan máa gòkè, mi ò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyókù wá láti inú owó ààyè ìpolówó, tó fi ìdá 20 nínú 100 ju ti Ọ̀kítóbà lọ nítorí àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń polówó fún òpin ọdún. Ó ṣeé ṣe kí bí mo ṣe ń yí bọ́jẹ́ẹ̀tì padà láàárín oṣù ti dá kún un.

Àbẹ̀wò tí àwọn ẹnjiníà yín ṣe látinú líìdì wọ̀nyí jẹ́ 60 ní Ọ̀kítóbà, ó jẹ́ 50 ní Nòfẹ́ńbà, ìyẹn ₦10,000 àti ₦12,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀wò mẹ́wàá yẹn ni ohun tí a pàdánù. Mo lè dá fọ́ọ̀mù àtijọ́ padà kí owó tí a fi ń rí líìdì kan lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n nínú nọ́ńbà tí mo rí, àbẹ̀wò ò ní pọ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ yín ló máa padà sí ìpè tí kò wúlò.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a máa da ìpolówó mẹ́rin pọ̀ mọ́ ọ̀kan, a ò sì ní fọwọ́ kan bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. A máa ná ₦400,000 títí di ọjọ́ 20 Dìsẹ́ńbà, a máa dúró fún ọdún, a ó sì gbé ₦200,000 tó kù sí Jánúárì. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni màá máa fi iye líìdì àti iye àbẹ̀wò ránṣẹ́ pọ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé a máa padà sí ₦1,500. Bó bá fi máa di ìparí Jánúárì tí àbẹ̀wò kan ṣì ju ₦12,000 lọ, màá wá bá yín kí a jọ pinnu bóyá kí a gbé apá kan owó náà lọ síbòmíràn.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ, sà: kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ àbájáde ìpè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójoojúmọ́, àti wákàtí tí wọ́n pè é. Ẹ ṣeun, sà."

O máa rí i pé mi ò kọ `CPM` síbẹ̀, mi ò sì fi àwòrán ojú ẹ̀rọ kankan há a. Bí akáùńtáǹtì bá béèrè, fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ yẹn náà. Mo fi ibi tí a ti ní kí wọ́n má bínú sí àárín, lẹ́yìn iye náà gan-an, torí bó bá ṣáájú, bàbá á máa wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì pè ọ́ padà tó ní òun ò gba ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò gbọ́, má bá a jiyàn. Ní kí ẹ jọ mú ogún nọ́ńbà látinú ti Ọ̀kítóbà àti ogún látinú ti Nòfẹ́ńbà láìṣà wọ́n, kí ẹnì kan pè wọ́n níwájú rẹ̀.